Kí la máa kọ síbi ohun-ìní ọpọlọ nínú ìwé ètò òwò iléeṣẹ́ àdìrẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Lọ́yà. Èmi àti ọkọ mi la ni iléeṣẹ́ àdìrẹ kékeré kan níbí l'Abẹ́òkúta, kọ́ńpìnnì tó ní límítẹ́ẹ̀dì ni, a ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní CAC. Bánkì tá a fẹ́ yáwó lọ́wọ́ wọn ní ká kọ ìwé ètò òwò wá, apá kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ nípa trédímáàkì, pátẹ́ǹtì, kọ́píráìtì àti àṣírí òwò. A ní orúkọ, Ẹ̀gbá, àdìrẹ àti kuálítì wà nínú ẹ̀. A ní lógò tí ọmọkùnrin kan yà fún wa, a ní àwọn àwòrán aṣọ tiwa, a sì ní bá a ṣe ń po aró wa tí kì í ṣí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ká sáré lọ gba pátẹ́ǹtì lórí aró yẹn. Kí la máa kọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba pátẹ́ǹtì lórí aró yẹn, ẹ má sì kọ bẹ́ ẹ ṣe ń pò ó sínú ìwé tẹ́ ẹ máa gbé lọ sí bánkì. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ torí òun ni nǹkan tó lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, tó bá dẹ̀ ti bọ́, kò ní padà.

Bí pátẹ́ǹtì ṣe rí nìyí. Ìjọba á ní kẹ́ ẹ wá ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ ṣe kúnnákúnná, débi pé ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ á lè kà á kó sì ṣe é, àwọn náà á wá fún yín ní ogún ọdún tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lò ó láìgbàṣẹ yín, ẹ ó sì máa san owó lọ́dọọdún kó má bàa kú. Tí ogún ọdún bá pé, ó ti di ti gbogbo ayé. Àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù yẹn l'Abuja kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan yẹn tuntun lóòótọ́, tí ìwé bá ti pé wọ́n á fún yín, òfin gan-an sọ ọ́ pé ẹni tó gbà á ló fi orí ara ẹ̀ gbà á, ìjọba ò ṣe onídùúró fún un. Kẹ́ ẹ wá wò ó: ta lẹ máa mú? Ẹni tó ń rẹ aṣọ nínú àgbàlá ẹ̀ ní Ìtòkú tàbí Àṣerò, ó ti ka fáìlì yín, ó ń lo ìwọ̀n yín gan-an, báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Aṣọ tó tà ò ní sọ ìwọ̀n haídírọ́ọ̀sì tó wà nínú aró tí wọ́n fi rẹ ẹ́.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi oníbàárà mi nìyí: tẹ́nì kan bá ra ọjà yín, ṣé ó lè tú u wò kó mọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é? Tó bá lè mọ̀ ọ́n, àṣírí ò lè bò yín, pátẹ́ǹtì ló kù, tí nǹkan ọ̀hún bá jẹ́ tuntun lóòótọ́. Tí kò bá lè mọ̀ ọ́n, ẹ pa á mọ́. Aró yín kò ṣeé mọ̀ látara aṣọ, ẹ pa á mọ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó jẹ́ àṣírí gan-an níbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Kọ́sítíìkì àti haídírọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ń dà sínú aró, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Kéèyàn gbé aṣọ jáde kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ kí àwọ̀ ẹ̀ tó yọ, ìyẹn náà kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni. Àṣírí yín lè jẹ́ ìwọ̀n, bóyá bí omi ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó, iye ìgbà tẹ́ ẹ ń tì í bọ inú aró, nǹkan tẹ́ ẹ fi ń fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn, èyí tí kò sí lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ẹ jókòó, ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ kọ ìwọ̀nba nǹkan yẹn gangan sínú ìwé kan, ẹ kọ déètì sí i, ẹ tì í pa. Tọ́rọ̀ bá dé kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ kan, adájọ́ á bi yín pé kí ni àṣírí ọ̀hún, ta ló mọ̀ ọ́n, kí lẹ ṣe tí kò fi tàn ká. Ẹni tí ò lè dá mẹ́ta yẹn lóhùn ò ní àṣírí kankan lójú òfin, kódà kí aró ẹ̀ dára ju ti gbogbo Ẹ̀gbá lọ.

Nàìjíríà ò ní òfin kan tó dá dúró fún àṣírí òwò o. Àdéhùn tẹ́ ẹ bá jọ fọwọ́ sí ló máa dáàbò bò yín, pẹ̀lú ìlànà kọ́ọ̀tù pé ẹni tá a fọkàn tán tá a sọ nǹkan fún ò gbọ́dọ̀ lọ fi jẹun lẹ́yìn wa. Nítorí náà ohun tẹ́ ẹ ń ṣe nínú ọgbà yín lójoojúmọ́ ló ṣe pàtàkì. Obìnrin kan tí mo bá ṣe ìwé ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń wọn gbogbo kẹ́míkà aró ẹ̀ lálẹ́, á dì wọ́n sínú ọ̀rá, á kọ A, B, D sí i lára, kò ní kọ orúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Láàárọ̀, òṣìṣẹ́ ẹ̀ á da A sínú omi, á rò ó, á da B tẹ̀ lé e. Wọ́n ń rẹ aṣọ tó dáa jáde, síbẹ̀ kò sí ìkankan nínú wọn tó lè lọ po aró yẹn nílé. Ọlọ́jà tó ń ta kẹ́míkà fún un gan-an ò mọ gbogbo ẹ̀, torí ibi méjì ló ti ń rà á. Ìyẹn ni kọ́ọ̀tù ń pè ní ìgbésẹ̀ tó mọ́gbọ́n dání, kò dẹ̀ ná an ju ọ̀rá lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ-iṣẹ́ ló le jù níbi tiwa yìí, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ ń sanwó fún yàtọ̀ sí ọmọ-iṣẹ́ tó sanwó fún yín pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ẹni yẹn, ìgbà tó bá ṣe fúrídọ̀ọ̀mù tán, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kó sì lo ohun tó kọ́, ìdí tó fi wá nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti fi ìwọ̀n aró yín kọ́ ọ pẹ̀lú iṣẹ́, ẹ ò lè wá sọ lẹ́yìn pé àṣírí ni. Ẹ yà á sọ́tọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ẹ̀ pé a máa kọ́ ọ ní oníkó, ẹlẹ́kọ, alábẹ́rẹ́, àbẹ́là títẹ̀ àti aró rírẹ gẹ́gẹ́ bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é, àmọ́ ìwọ̀n aró iléeṣẹ́ yìí ò sí lára ohun tá a máa kọ́ ọ, tó bá sì ṣèèṣì mọ̀ ọ́n, kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kò sì gbọ́dọ̀ lò ó. Kó fọwọ́ sí i kó tó wọ ibi aró, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú ẹ̀.

Ẹ má sì ki àṣejù bọ̀ ọ́. Mo ti rí ìwé táwọn kan kọ pé tẹ́ni yìí bá kúrò, kò gbọ́dọ̀ ṣe àdìrẹ fún ọdún mẹ́wàá níbikíbi ní Nàìjíríà. Kọ́ọ̀tù ò ní gba irú ìyẹn, torí kò sẹ́ni tó lè fòfin dá oúnjẹ ẹnu èèyàn dúró torí pé ó bá a ṣiṣẹ́ rí. Ọwọ́ tó fi mọ̀ ọ́n dì, ojú tó fi mọ àwọ̀ tó jinná, tiẹ̀ nìyẹn, ó ti di ara ẹ̀. Ìwọ̀n yín nìkan lẹ lè dá a dúró lórí ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí orúkọ. Púpọ̀ nínú yín ló rò pé tí CAC bá ti fún yín ní sáfíkéètì, orúkọ yẹn ti di tiyín pátápátá. Rárá o. CAC kàn ní kọ́ńpìnnì míì ò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn ni, kò sọ pé ẹlòmíì ò lè tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ tà. Trédímáàkì ló ń ṣe ìyẹn, ọ́fíìsì ẹ̀ sì yàtọ̀, ó wà l'Abuja lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò. Orúkọ tiyín wá ní wàhálà tiẹ̀. Ẹ̀gbá ń sọ ibi tí ọjà ti wá, àdìrẹ ń sọ ohun tí ọjà jẹ́, kuálítì ń yin ọjà. Òfin ò fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gba ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹni tó ń ta irú ọjà yẹn nílò, àwa náà ẹ wò ó, ṣé a lè ní kí àwọn tó kù ní Ìtòkú má pe tiwọn ní àdìrẹ Ẹ̀gbá mọ́? Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè kọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ò sọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn jẹ́ tiyín, ìyà náà ni, torí kí ló kù?

Ohun tí wọ́n máa ń gbà wọlé ni ọ̀rọ̀ téèyàn dá sílẹ̀ fúnra ẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ tí kò bá ọjà yẹn tan rárá, tàbí lógò tó dá yàtọ̀. Ẹ ò ní láti pa orúkọ CAC yín tì. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tẹ́ ẹ máa tẹ̀ sí etí aṣọ, oríkì ìdílé tó ṣọ̀wọ́n lè ṣe é, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ yín tẹ́ ẹ so pọ̀ lè ṣe é, kẹ́ ẹ forúkọ yẹn àti lógò sílẹ̀, kí orúkọ gígùn wà lórí rísíìtì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò le. Ẹ gba lọ́yà tàbí éjẹ́ǹtì tí ọ́fíìsì yẹn mọ̀, á kọ́kọ́ wá a bóyá ẹnì kan ti ní irú ẹ̀, ẹ má fo ìyẹn o. Á wá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí kíláàsì tí ọjà yín wà. Aṣọ títà ní ọ̀pá wà ní kíláàsì 24, aṣọ rírán wà ní 25, kíláàsì kan fọ́ọ̀mù kan owó kan, nítorí náà tó bá jẹ́ aṣọ ní ọ̀pá lẹ ń tà jù, 24 lẹ kọ́kọ́ máa san. Tí wọ́n bá gbà á, lẹ́tà á jáde pé wọ́n ti gbà á, kì í ṣe pé ó ti parí. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ọ́fíìsì wọn kí ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó lè rí i, oṣù méjì ló ní, tí kò bá sí wàhálà sáfíkéètì á wá jáde. Ibi ìwé ìròyìn yẹn ló máa ń pẹ́ jù, kì í jáde déédéé. Àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ni wọ́n máa kà, ọdún 7 ni ti àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá tún un ṣe ó di 14, bẹ́ẹ̀ ni á máa lọ. Àkíyèsí kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: àmì R tó wà nínú róbótó, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sára nǹkan kan títí sáfíkéètì á fi dé ọwọ́ yín, ẹ̀ṣẹ̀ lòfin ni kéèyàn pe èyí tí kò tíì wọ rẹ́jísítà ní èyí tó ti wọ̀ ọ́. TM ò ní wàhálà.

Lógò ńkọ́? Ọmọkùnrin tó yà á ló ni ín. Mo mọ̀ pé ẹ ti sanwó, àmọ́ owó iṣẹ́ lẹ san. Kọ́píráìtì ò nílò kéèyàn forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, bí wọ́n bá ti yà á tán ó ti wà, òfin tuntun ti 2022 sì fún ayàwòrán ní gbogbo ayé ẹ̀ àti àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún un lè lò ó fún ohun tó torí ẹ̀ ní kó ṣe é, àmọ́ kó tó di tiyín pátápátá, ìwé gbọ́dọ̀ wà, ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó níbi kọ́píráìtì. Ìyàtọ̀ tó máa ń ya àwọn oníbàárà mi lẹ́nu ni pé tó bá jẹ́ wẹ́dà lẹ gbéṣẹ́ fún kó ṣe ẹ̀rọ kan jáde tó sì dá nǹkan tuntun sílẹ̀ níbẹ̀, òfin pátẹ́ǹtì á fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbéṣẹ́ fún un. Owó kan náà lẹ san, òfin méjì ló wò ó. Nítorí náà ẹ wá ọmọ yẹn lọ lọ́sẹ̀ yìí nígbà tí àárín yín ṣì gún. Ojú ìwé kan tó: orúkọ ẹ̀, lógò yẹn gan-an tẹ̀ sórí ìwé, pé òun gbé gbogbo ẹ̀tọ́ kọ́píráìtì tó wà lórí ẹ̀ fún kọ́ńpìnnì, iye tí wọ́n san, déètì, kó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Orúkọ kọ́ńpìnnì ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má kọ orúkọ ọkọ yín, torí kọ́ńpìnnì ló ń yáwó. Ẹ gba fáìlì tó ṣeé tún ṣe lọ́wọ́ ẹ̀ náà, kì í ṣe àwòrán Wọ́sáàpù nìkan. Ẹni tó ń ya fọ́tò aṣọ fún yín, ìwé kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yàwòrán, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ wọn.

Ó ku àwòrán aṣọ, ibẹ̀ sì ni mo ti máa bà yín lọ́kàn jẹ́ díẹ̀. Olókun, Ìbàdàndùn, Sùnbẹ́bẹ́, ogún ìyá wa ni, kò sẹ́ni tó lè forúkọ wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ yí òpó Mápó inú Ìbàdàndùn sápá òsì ò sọ ọ́ di tuntun, òfin sọ ọ́ kedere pé ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan ò kà. Èyí tẹ́ ẹ bá dá fúnra yín, tẹ́ ẹ gé sára tìmùtìmù kẹ́ ẹ máa tì í bọ inú àbẹ́là gbígbóná kẹ́ ẹ máa fi tẹ aṣọ lọ́pọ̀, dísáìn ni wọ́n máa ń forúkọ irú ẹ̀ sílẹ̀ sí, òfin kan náà pẹ̀lú pátẹ́ǹtì. Ọdún márùn-ún ni, ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 15. Fọ́ọ̀mù kan sì lè gba tó àádọ́ta dísáìn tí wọ́n bá jẹ́ ti irú ọjà kan náà, ẹ ò ní máa san ti ìkọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé kò tíì hàn sí ìta níbikíbi láyé kí fọ́ọ̀mù yín tó wọlé. Èyí tẹ́ ẹ ti gbé sórí Ínsítágíráàmù, èyí tẹ́ ẹ ti tà fún aṣọ ẹbí, ó ti bọ́. Àfi tó bá jẹ́ pé ibi àfihàn ọjà tí ìjọba mọ̀ sí lẹ ti fi hàn, oṣù mẹ́fà lẹ ní níbẹ̀. Nítorí náà ẹ má fowó ṣòfò lórí àwọn ti àtijọ́. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbé jáde fún ọdún Iléyá tàbí Kérésì tó ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ kó jọ, kẹ́ ẹ forúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò wọn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi wọ́n sínú ìwé bánkì náà.

Ní báyìí, tó bá jẹ́ èmi ni màá kọ apá yẹn fún yín lónìí, bó ṣe máa lọ nìyí: «Kọ́ńpìnnì yìí ti fi fọ́ọ̀mù trédímáàkì sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àti lógò tó ń tẹ̀ sára aṣọ, kíláàsì 24, lọ́jọ́ báyìí, nọ́ńbà báyìí, sáfíkéètì ò tíì jáde. Kọ́ńpìnnì ló ni kọ́píráìtì lógò náà, ìwé tí ayàwòrán fi gbé e fún un wà lẹ́yìn. Kọ́ńpìnnì ò ní pátẹ́ǹtì, kò sì fẹ́ gbà á. Dísáìn aṣọ tuntun wà tí a máa forúkọ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Àwọn àwòrán ìbílẹ̀ tí a ń lò kì í ṣe tiwa nìkan. Bí a ṣe ń po aró wa jẹ́ àṣírí òwò, èèyàn méjì péré ló mọ gbogbo ẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ àti ọmọ-iṣẹ́ ló ti fọwọ́ sí ìwé ìpamọ́ àṣírí. Aṣọ tí a fi aró náà rẹ wà fún yíyẹ̀wò.» Ó parí. Ohun tẹ́ ò bá tíì ṣe níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò tàbí kẹ́ ẹ kọ oṣù tẹ́ ẹ máa ṣe é. Òṣìṣẹ́ bánkì tó mọṣẹ́ á béèrè nọ́ńbà fọ́ọ̀mù, á sì wò ó.

Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá aró yín dáa lóòótọ́, ẹ gé aṣọ fún wọn. Kí wọ́n fi aṣọ funfun tó tutù nù ún, kí wọ́n fọ̀ ọ́ nílé, kí wọ́n sá a sóòrùn. Tí wọ́n bá tẹnu mọ́ ọn pé àwọn fẹ́ rí ìwọ̀n, kí bánkì kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ìpamọ́, kẹ́ ẹ wá fi hàn wọ́n níwájú yín láìjẹ́ kí wọ́n yà á sórí fóònù, kẹ́ ẹ sì mú ìwé yín padà sílé.

Tówó ò bá tó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwé ọmọ tó ya lógò àti ìwé ìpamọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, ìyẹn ò gba ju owó lọ́yà díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà trédímáàkì kíláàsì 24. Dísáìn á dúró de àwọn aṣọ tuntun. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ yín pé mo kí wọn, kí wọ́n fi owó pátẹ́ǹtì yẹn ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ fún yín.